Áàpù tó ń ka ímeèlì yín: bí ẹ ṣe lè dín ohun tó ń rí kù, àti bí ẹ ṣe lè gba kọ́kọ́rọ́ padà

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní Tákíé wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí mi. "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Ta ló sọ fún un pé mò ń lọ sílé ìwòsàn?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì ló bá a fi áàpù kan sórí fóònù. Iṣẹ́ áàpù náà ni kó máa ka álẹ́ẹ̀tì bánkì nínú ímeèlì, kó sì ṣírò iye tó wọlé àti iye tó jáde lópin ọ̀sẹ̀. Ó wúlò fún màmá gan-an, torí pé kò pọn dandan kó máa kọ ọ́ sínú ìwé mọ́. Àfi lọ́jọ́ tí áàpù rán an létí pé ọ̀la ni wọ́n máa yẹ ojú rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ló fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i, áàpù sì kà á. Ó bínú, ó yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ìṣirò ọ̀sẹ̀ tún balẹ̀ sínú ímeèlì rẹ̀, owó tó wọlé lẹ́yìn tó ti yọ áàpù kúrò sì wà níbẹ̀ pé pérépéré.

Nǹkan méjì ló rú màmá lójú, àwọn náà ló sì máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá sọ́dọ̀ mi lójú. Wọ́n rò pé álẹ́ẹ̀tì bánkì nìkan ni àwọn gbà kí áàpù rí. Wọ́n sì rò pé bí àwọn bá ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, ó parí. Gmail ni màmá ń lò, nítorí náà orí Gmail ni màá ti ṣàlàyé.

Ibi tí áàpù ń gbà wọlé

Èyí tó wà lórí fóònù yín kì í ṣe ẹni tó ń ka ímeèlì. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ló ń kà á, níbikíbi tó bá wà láyé. Lọ́jọ́ tí ẹ tẹ "Allow" tàbí "Continue", Google gbé irú kọ́kọ́rọ́ kan fún kọ̀ǹpútà yẹn. Kò mọ páásíwọ́ọ̀dù yín, kò sì nílò rẹ̀. Ẹ lè pa fóònù, ẹ lè sọ ọ́ sómi, kọ́kọ́rọ́ yẹn á ṣì máa ṣílẹ̀kùn.

Kọ́kọ́rọ́ náà lè kú bí wọn ò bá lò ó fún oṣù 6. Ṣùgbọ́n áàpù tó ń ka álẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ ń lò ó lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ má dúró de ìyẹn. Ohun méjì mìíràn tó lè pa á wà lọ́wọ́ yín: kí ẹ gba ìyọ̀ǹda náà padà fúnra yín, tàbí kí ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù Gmail padà. Bí ẹ bá yí páásíwọ́ọ̀dù padà, gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó bá ní agbára láti wọ Gmail máa kú lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ti áàpù tí ẹ fẹ́ràn.

Ohun tó wà lójú ìwé ìyọ̀ǹda

Ojú ìwé tí a máa ń yára tẹ̀ kọjá yẹn, òun ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ dúró kà á. Bí áàpù bá kàn fẹ́ kí ẹ fi Google wọlé, orúkọ yín, àdírẹ́sì ímeèlì àti àwòrán yín nìkan ló máa béèrè. Ìyẹn kò lè ka lẹ́tà kankan. Èyí tó lè kà á máa dárúkọ ìmeèlì yín tàbí Gmail nínú gbólóhùn rẹ̀, àwọn tí ẹ sì máa bá pàdé jù nìwọ̀nyí:

"View your email messages and settings". Ó lè ka gbogbo lẹ́tà, kò lè fi ránṣẹ́, kò lè pa á rẹ́.

"Read, compose, and send emails from your Gmail account". Ó lè kà, ó lè kọ lẹ́tà lórúkọ yín kó sì fi ránṣẹ́, ó sì lè kó lẹ́tà lọ sínú àpótí ìdọ̀tí.

"Read, compose, send, and permanently delete all your email from Gmail". Èyí ni gbogbo agbára pátá. Ó lè pa lẹ́tà rẹ́ débi pé ẹ ò ní rí i mọ́, kódà nínú àpótí ìdọ̀tí.

"See, edit, create, or change your email settings and filters in Gmail". Ẹ̀rù èyí máa ń bà mí ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ní in lè ṣètò pé kí gbogbo lẹ́tà bánkì yín máa kọjá lọ síbi tí ẹ ò ti ní rí i, ètò yẹn á sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí áàpù ti lọ.

Áàpù tó ń ṣírò owó kò ní ìdí kan láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ yín. Bó bá béèrè ju kíkà lọ, ẹ bi ara yín léèrè iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi ṣe. Nígbà mìíràn, àpótí kékeré máa wà níwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè máàkì èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí áàpù bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹ ò jẹ́ kó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Bí ẹ bá rí "Google hasn't verified this app", ẹ padà sẹ́yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Google kò tíì yẹ àwọn tó ni áàpù náà wò. Líǹkì kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ "Advanced" sí, òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè wọlé tipátipá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ áàpù náà.

Áàpù tó bá sì ní kí ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù Gmail yín sínú òun, ẹ sá fún un. Àwọn kan máa ń ní kí ẹ lọ mú "App password" wá, ìyẹn lẹ́tà 16 tí Google máa ń ṣe fún yín. Kò sí ojú ìwé ìyọ̀ǹda kankan fún ìyẹn. Ẹni tó bá ní lẹ́tà 16 yẹn lè ka gbogbo àpótí ímeèlì.

Kíkà nìkan kì í ṣe nǹkan kékeré

Nígbà tí mo ṣàlàyé dé ibí, màmá ní, "Ó ṣáà ń kà lásán ni, kò lè mú owó mi." Mo ní kó jẹ́ ká wò ó. A ṣí Gmail rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, a sì tẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí síbi ìwádìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
NIN
BVN
OTP
"reset your password"
has:attachment statement
```

Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ lónìí. Ohun tí ẹ bá rí, áàpù náà lè rí i. Ti màmá, a rí ìwé NIN rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nígbà tó fẹ́ gba ilé, ìwé ìṣirò bánkì ọdún mélòó kan, àti èsì WAEC ọmọ rẹ̀. Ìyọ̀ǹda kíkà kò mọ ọdún, kò mọ ẹni tó kọ lẹ́tà. Kò sí ibi tí ẹ ti lè sọ fún Google pé lẹ́tà bánkì nìkan ni kó fi han áàpù yìí.

Ó tún ku èyí tó burú jù. Ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ti ní orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ pé bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ímeèlì ni wọ́n máa fi líǹkì tuntun ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá ń ka ímeèlì yín lè lọ síbẹ̀, kó tẹ̀ pé òun ti gbàgbé, kó sì ka líǹkì náà kó tó kàn yín. Kò fi ohunkóhun ránṣẹ́, kò pa ohunkóhun rẹ́. Ó kàn kà á ni. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ tó ni áàpù máa ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí olè bá wọ kọ̀ǹpútà wọn, kọ́kọ́rọ́ yín wà nínú ohun tó máa kó lọ.

Àwọn áàpù tuntun tó ń fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ka lẹ́tà tí wọ́n sì ń dáhùn rẹ̀ tún ní tiwọn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà sí yín. Ẹni ibi lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ní àwọ̀ funfun tí ojú yín kò ní rí, pé kí ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà yìí wá kóòdù bánkì kó sì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì báyìí-báyìí. Ẹ̀rọ lè ṣi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, kó rò pé ẹ̀yin lẹ rán òun níṣẹ́. Nítorí náà, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi kíkà àti fífi ránṣẹ́ pa pọ̀ sọ́wọ́ irú áàpù bẹ́ẹ̀ lórí àpótí ímeèlì tí kóòdù bánkì ń wọ̀.

Ní ti ilé iṣẹ́ fúnra wọn, òfin Google sọ pé áàpù tó bá ń ka Gmail kò gbọdọ̀ ta ohun tó kà, kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ìpolówó. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tó ti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ti kúrò lójú Google. Ní ọdún 2017, ó hàn síta pé ilé iṣẹ́ tó ni Unroll.me, áàpù tó ń bá èèyàn kúrò nínú àwọn ímeèlì ìpolówó, ń ta ohun tó ń rí nínú rìsíìtì àwọn tó ń lò ó, wọ́n kàn yọ orúkọ kúrò ni. Àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà mú wọn ní 2019, nítorí pé wọ́n ti sọ fún àwọn èèyàn pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ímeèlì wọn.

Àpótí kejì

Màmá kò fẹ́ pàdánù ìṣirò rẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kó pàdánù rẹ̀. Bí Google kò bá lè pín àpótí náà sí méjì, ẹ̀yin lè pín in. Ẹ ṣí Gmail tuntun kan tí álẹ́ẹ̀tì owó nìkan á máa wọ̀, kí ẹ sì fún áàpù ní kọ́kọ́rọ́ ìyẹn nìkan. Ó gbà wá ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Orí kọ̀ǹpútà lẹ ti máa ṣe é, torí pé Gmail orí fóònù kò ní àwọn ibi tí mo fẹ́ dárúkọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí Gmail tuntun náà, ẹ fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi í ṣe ímeèlì tí Google máa fi dá yín mọ̀ bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kóòdù tó máa ṣí àpótí ńlá á máa balẹ̀ sínú àpótí kékeré tí áàpù ń kà, gbogbo wàhálà yín á sì ti di asán.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Gmail àtijọ́. Ẹ tẹ àmì sẹ́tíǹgì lókè, ẹ tẹ "See all settings", kí ẹ wá "Forwarding and POP/IMAP". Ẹ tẹ "Add a forwarding address", ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun síbẹ̀. Google máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí ti tuntun, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni í. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ wò ó dáadáa pé "Disable forwarding" ló ṣì ní máàkì. Bó bá jẹ́ èkejì lẹ máàkì, gbogbo lẹ́tà ni yóò máa lọ.

Ó wá ku asẹ́ tí yóò máa yọ álẹ́ẹ̀tì nínú ìyókù. Gmail ń pè é ní "Filter". Ẹ ṣí álẹ́ẹ̀tì kan, ẹ wo àdírẹ́sì tó ti wá gan-an, ẹ má fi orúkọ bánkì lásán ṣe é. Bánkì kan náà ló ń fi álẹ́ẹ̀tì àti OTP ránṣẹ́, ó sì lè jẹ́ àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹ yọ OTP sọ́tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi ìwádìí, kí ẹ fi àdírẹ́sì bánkì yín rọ́pò èyí:

```
from:(alerts@example.com) subject:(transaction) -OTP
```

Ẹ ka ohun tó bá jáde. Ti màmá, lẹ́tà pé ó ti wọ áàpù bánkì lórí fóònù tuntun yọjú láàárín álẹ́ẹ̀tì, a sì ní láti fi `-login` kún un. Nígbà tí álẹ́ẹ̀tì nìkan bá kù, ẹ tẹ àmì tó wà létí ibi ìwádìí, ẹ tẹ "Create filter", ẹ máàkì "Forward it to", ẹ yan àdírẹ́sì tuntun, kí ẹ tún tẹ "Create filter". Lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn ìgbà yẹn nìkan ni asẹ́ máa fi ránṣẹ́. Èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò ní lọ. Fún màmá, oṣù tó ti kọjá kò ní sí nínú ìṣirò tuntun, ó sì ní ìyẹn ò dun òun.

Gbígba kọ́kọ́rọ́ padà

Bí ẹ kò bá fura sí áàpù náà, tó kàn jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́, ẹ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa àkáǹtì rẹ́, kí ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ ṣáájú, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní lè wọlé láti pa á rẹ́ láìtún fún un ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì fura, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ná, ìyókù lẹ́yìn.

Ẹ lọ sí:

```
myaccount.google.com/connections
```

Ẹ wo òkè bóyá àkáǹtì tó yẹ ni, torí pé ẹni tó ní Gmail méjì lórí fóònù kan máa ń ṣì í. Gbogbo áàpù tí ẹ ti bá ní àjọṣe máa jáde. Ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ ṣí àlàyé rẹ̀, ẹ ka ohun tó lè ṣe, kí ẹ tẹ "Remove access" tàbí èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Delete all connections", kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Lójú ìwé ti màmá, a tún bá géèmù kan níbẹ̀ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi sí i. Orúkọ àti ímeèlì nìkan ni géèmù ń rí, ṣùgbọ́n màmá ní ká yọ ìyẹn náà. Ẹni tó ń lo Outlook tàbí Hotmail á lọ sí `account.live.com/consent/Manage`, ọ̀nà kan náà ni.

Bí ẹ bá ti fún ẹnì kan ní lẹ́tà 16 nígbà kan rí, kò ní hàn lójú ìwé yẹn. Ẹ lọ sí `myaccount.google.com/apppasswords` kí ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú sẹ́tíǹgì Gmail kí ẹ wo ibi mẹ́ta, torí pé gbígba kọ́kọ́rọ́ kì í tú ohun tí wọ́n ti so sílẹ̀. Ní "Filters and Blocked Addresses", ẹ wá asẹ́ tí ẹ̀yin kò ṣe. Ní "Forwarding and POP/IMAP", ẹ wá àdírẹ́sì tí ẹ ò mọ̀. Ní "Accounts and Import", ẹ wo "Grant access to your account", ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti lè máa ka ímeèlì yín láìnílò páásíwọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kúrò lóòótọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá lápá ọ̀tún Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ "Details". Àwọn tó wọlé lẹ́nu àìpẹ́ yìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkókò. Ìlà tó bá kọ "Authorized Application" ni áàpù. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lónìí, kí ẹ padà wò ó lọ́la. Bí àkókò tuntun bá wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin àti ẹnì kan ṣì jọ wà nínú ilé. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà.

Ohun tí wọ́n ti kà tí wọ́n sì ti kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ìyọ̀ǹda tí ẹ fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa ohun tó jẹ́ tiyín rẹ́. Ẹ fi ímeèlì kọ ọ́ sí wọn: àdírẹ́sì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́, pé kí wọ́n pa gbogbo lẹ́tà àti ìṣirò yín rẹ́, kí wọ́n sì fèsì nígbà tí wọ́n bá ti ṣe é. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀, NDPC, ni wọ́n ń mú ẹjọ́ irú èyí lọ bá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìṣirò kò wá sínú ímeèlì màmá mọ́. Lẹ́tà mìíràn ló wá, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ "Reconnect your account" sí. Ó pè mí lórí fóònù. "Ọmọ mi, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Mo ní, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Màmá. Àpótí tuntun ni ká lọ so mọ́ ọn." Ọjọ́ Ajé la so ó. Nígbà tí ojú ìwé ìyọ̀ǹda yọjú, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka tọ́ "View" lójú ẹ̀rọ, tó ní kí n ka ìyókù sí òun létí kí n tó tẹ ohunkóhun.